Láti Ìpàta Dé Ìkẹ̀rẹ́: Bí A Ṣe Ń Kọ̀wé Nípa Ilẹ̀kùn àti Òpó Oníṣẹ́ Ọnà

Ní Ìpàta, bí èèyàn bá béèrè ilẹ̀kùn àtijọ́, irin ni wọ́n á kọ́kọ́ nàka sí. Ìlọrin ti di ìlú géètì. Àwọn aláta ń tú àpò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn alẹ́ran ń pọ́n ọ̀bẹ, ọlọ́kadà ń fun fèrè lé ara wọn lórí, gbogbo ẹni tí mo sì bi léèrè ló ní kí n lọ wo ilé Alùhájì kan tí wọ́n fi ọ̀dà wúrà kun géètì rẹ̀. Áfà kan tó ń ta tẹ̀sùbáà ló gbọ́ mi yé.

"Onígi lẹ ń wí? Ẹ gba ẹ̀yìn ilé yẹn. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ wá."

Mo kí wọn dáadáa. Alùhájà àgbàlagbà kan ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ìrẹsì. Ó ní kí n wọlé, kí n mu omi ná. Ìgbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, ó rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀kùn yẹn? Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé mi wọ ilé yìí níyàwó. Ẹ wò ó. Kò níí bù yín jẹ."

Pátákó méjì ni wọ́n so pọ̀, ọ̀pá ìdábùú mẹ́ta sì dì wọ́n mú lẹ́yìn. Kò ní hínjì. Ṣóńṣó igi tó yọ lókè àti nísàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ló ń yí nínú ihò, ti òkè nínú àtẹ́rígbà, ti ìsàlẹ̀ nínú òkúta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Níwájú, wọ́n fín ọnà onígun mẹ́rin sínú onígun mẹ́rin, àwọn ìlà tó gbabú kọjá ara wọn sì wà láàárín. Kò sí èèyàn lára rẹ̀, kò sí ẹran, kò sí ẹyẹ. Ìlú àwọn áfà ni Ìlọrin, ilé tí wọ́n ti ń kírun kì í fẹ́ ère lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹni tó bá gbà pé àfi ère nìkan ló ń sọ ìtàn yóò kọjá lára ilẹ̀kùn yìí. Ṣùgbọ́n mo jókòó tì í, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí mo rí láti òkè wá sísàlẹ̀. Lókè, ẹnu ọnà ṣì mú, èèyàn lè fi èékánná tọ ipa ọ̀bẹ. Níbi tí àtẹ́lẹwọ́ máa ń bà á tí wọ́n bá ń tì í, igi ti dúdú, ó ń dán, ọnà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, òjò àti ikán ti jẹ ẹ́, ẹnì kan sì ti kan pákó tuntun mọ́ ọn pẹ̀lú ìṣó. Ẹni yẹn gbìyànjú láti fín ọnà àtijọ́ náà sórí pákó tuntun, àmọ́ onígun mẹ́rin tirẹ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́, kò sì bá wọn tò. Ọwọ́ méjì ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀kan ti ṣe tirẹ̀ tán kí èkejì tó dé. Ìtàn nìyẹn, èèyàn sì lè kọ ọ́ láì fi kún un.

Ibi tí akọ̀wé ti máa ń ṣìnà ni ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ó á fẹ́ sọ pé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró fún igun mẹ́rin ayé, tàbí pé ìlà tó gbabú jẹ́ ọ̀nà àwọn baba ńlá. Mo bi Alùhájà léèrè ohun tí ọnà náà dúró fún. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí. "Ọnà ni. Wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni." Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyẹn, mo sì kọ ẹni tó sọ ọ́ mọ́ ọn. Bí ẹlòmíràn bá dé lọ́la tó ní ìtumọ̀ míì, kí ó kọ ti ẹni tó sọ fún un náà. Kí a má kàn dá ìtumọ̀ sílẹ̀ fúnra wa, ká sì fi orúkọ àwọn baba ńlá bò ó.

Ọmọkùnrin kan nínú ilé náà ní tí ó bá jẹ́ ère ni mo ń wá, Ìlọrin kọ́, Òsì ni kí n lọ. Ó tọ̀nà, àmọ́ orúkọ Ìlọrin wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn náà. Ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun, orúkọ tí wọ́n kọ sí abẹ́ iṣẹ́ àgbà agbẹ́gilére kan ni "Arẹogun ará Òsì-Ìlọrin". Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ yìí á rò pé ọmọ Ìlọrin ni. Kì í ṣe ọmọ Ìlọrin. Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àgbègbè tí wọ́n ń ṣàkóso láti Ìlọrin ni wọ́n pín Òsì sí, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń so orúkọ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n má baà ṣì í mú fún Òsì míì. Lónìí, Òsì wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹni tó bá ń kọ àròkọ nípa òpó tàbí ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ fura sí irú àkọlé bẹ́ẹ̀: ìlú tí wọ́n kọ síbẹ̀ lè jẹ́ ìlú tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ, tàbí ìlú tí wọ́n ti rà á, tàbí ibi tí ọ́fíìsì ìjọba wà nìkan.

Ọkọ̀ wa gba Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá, ó gba Òrò, ó dé Òmù-Àrán. Kò sí ohun tí mo lè sọ nípa ọ̀nà yẹn ju pé a jókòó mẹ́rin sẹ́yìn, awakọ̀ sì fẹ́ràn láti máa wo ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ àwọn agbẹ́gilére la wà báyìí. Òdó-Ọ̀wà tí kò jìnnà síbẹ̀ ni ìlú Moshood Bámigbóyè, tó kú ní 1975. Ère Ẹpa rẹ̀ ga, ó sì kún fún èèyàn débi pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn kan fún iṣẹ́ òun nìkan ní 2022. Ẹ kíyè sí orúkọ àkọ́jẹ́ rẹ̀: orúkọ Mùsùlùmí ni. Nǹkan kì í fi gbogbo ìgbà pín sí méjì bí ọmọkùnrin Ìpàta yẹn ṣe rò.

Ní Òsì, mo bá bàbá oníṣẹ́ igi kan lábẹ́ igi máńgòrò níbi tó ti ń ṣe àga. Kì í gbẹ́ ère, àmọ́ ó bá àwọn tó ń gbẹ́ ẹ ṣeré nígbà èwe rẹ̀. Mo fi fọ́tò ilẹ̀kùn kan tí wọ́n ní Arẹogun ló ṣe hàn án. Kò kọ́kọ́ wo àwọn èèyàn tó wà lára rẹ̀. Ó wo àlàfo tó wà láàárín wọn.

"Ẹni yìí ò kánjú," ó wí. "Ẹ wo ilẹ̀ rẹ̀. Ó tẹ́."

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí bá ohun tí Fadá Kevin Carroll kọ sílẹ̀ mu. Àlùfáà Kátólíìkì ni Carroll. Láti 1947 títí di 1954, ó wà lára àwọn tó darí ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ibẹ̀ sì ni Bándélé, ọmọ Arẹogun, ti ṣiṣẹ́. Ó kọ pé àwọn agbẹ́gilére ibẹ̀ pín iṣẹ́ sí ìpele mẹ́rin. Ọnà lílé ni àkọ́kọ́: wọ́n á fi àáké àti ọkọ́ igi gbẹ́ ìtì náà títí ibi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ máa wà yóò fi hàn, láìsí ojú, láìsí ìka. Èkejì ni alétúnlé, nígbà tí wọ́n á pín àwọn ìṣù ńlá yẹn sí kéékèèké, tí etí á yọ lára orí, tí apá á ya kúrò lára àyà. Ẹ̀kẹta ni dídán, tí wọ́n á fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti ọ̀bẹ mú ojú igi jọ̀lọ̀. Ìkẹrin ni fífín, ìyẹn irun, ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀, ọnà ara aṣọ.

Mo mú ètò yìí wá nítorí pé ó wúlò fún ẹni tó ń kọ̀wé. Bí a bá mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, a ó mọ ohun tí ojú wa ń rí. Ọ̀pọ̀ àròkọ ń bẹ̀rẹ̀ láti orí fífín, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ àti ilà ojú ló máa ń fa ojú mọ́ra, wọn kì í sì í padà sẹ́yìn mọ́. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí agbẹ́gilére ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló tóbi jù nínú igi yìí? Ìdá mélòó ni orí jẹ́ nínú gíga ara? Ibo ni àlàfo wà? Ìgbà tí ẹ bá ti kọ ìyẹn tán, òǹkàwé tí kò rí fọ́tò á ti ní nǹkan kan lọ́kàn, ìlẹ̀kẹ̀ á sì rí ọrùn tó máa jókòó lé.

Lórí ilẹ̀kùn Arẹogun, ìpele ìpele ni àwọn àwòrán ń tò láti òkè dé ilẹ̀. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lè wà nínú ọ̀kan, ẹni tó ń fa ìkòkò tábà nínú èkejì, onílù, jagunjagun tó gbé ìbọn, obìnrin tó kúnlẹ̀. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe ni pé kí ó hun wọn pọ̀ di ìtàn kan: jagunjagun yìí gun kẹ̀kẹ́ lọ sógun, ó dé, ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ kí i. Kò sí ohunkóhun nínú igi náà tó sọ bẹ́ẹ̀. Bí oríkì ni irú ilẹ̀kùn yìí ṣe ń sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan nínú oríkì lè wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, èyí tó tẹ̀lé e láti inú ogun kan tí ìdílé jà, ẹ̀kẹta láti ara ẹwà ọrùn ẹnì kan, wọn ò sì ní kí a tò wọ́n bí ọjọ́ orí. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ẹni tí wọ́n ń kì.

Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń dán an wò. Mo á fi ìwé bo ìpele kan nínú fọ́tò, mo á wá wo àwọn tó kù. Bí wọn kò bá pàdánù nǹkan kan, ìpele yẹn dá dúró ni, kí n má fi "lẹ́yìn náà" so ó mọ́ èyí tó tẹ̀lé e. Bí àwọn tó kù bá dà rú, a jẹ́ pé ìtàn kan wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ilẹ̀kùn tí ìdánwò yìí ti fi hàn pé ìtàn kan wà ni ti Ìkẹ̀rẹ́, òun ló sì mú mi gba Ọ̀tùn àti Adó-Èkìtì lọ. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ̀rẹ́, láàárín 1910 sí 1914. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ sí, Ìsẹ̀ ló gbé dàgbà tó sì ti ṣiṣẹ́ fún Arinjalẹ̀, ọba ibẹ̀, ó kú ní 1938. Kò fi orúkọ rẹ̀ sára igi. Oríkì ló tọ́jú rẹ̀: ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ kì í fún onímọ̀ kan, àwọn ààfin tó ti ṣiṣẹ́ sì wà nínú oríkì náà.

Ilẹ̀kùn náà kò sí ní Ìkẹ̀rẹ́ mọ́. Mo mọ bẹ́ẹ̀ kí n tó lọ, mo sì lọ, nítorí mo fẹ́ mọ bí oòrùn ṣe ń wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ yọ jáde lára pátákó ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Orí àwọn èèyàn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló yíjú sí ẹni tó ń wò wọ́n. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé á mú kí òjìji wọn gùn sórí ilẹ̀kùn. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, níbi tí iná ti ń bọ́ láti òkè, nǹkan míì lèèyàn á rí. Ó yẹ kí àròkọ sọ abẹ́ ìmọ́lẹ̀ wo ni a ti wo iṣẹ́ náà, kódà bó bá jẹ́ fọ́tò.

Ohun tó wà lára rẹ̀ ni ìgbà tí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan, Kápúténì Ambrose, wá kí Ògògà. Ẹni tó bá kọ pé "ilẹ̀kùn yìí jẹ́ iṣẹ́ ọnà tó rẹwà tó ń fi àṣà wa hàn" kò tíì sọ nǹkan kan. Igbá fínfín náà ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí ni mo kọ sínú ìwé mi ní ààfin, pẹ̀lú fọ́tò lórí orúnkún:

"Abala méjì ni. Lọ́wọ́ òsì ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, ọba jókòó, adé rẹ̀ ga, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́wọ́ ọ̀tún, òyìnbó jókòó sínú àga tí àwọn èèyàn gbé. Àwọn ìyókù lókè àti nísàlẹ̀ ni àwọn ará ilé ọba àti àwọn tó tẹ̀lé òyìnbó pẹ̀lú ẹrù. Ìpele tí ọba wà ga ju èyí tí òyìnbó wà lọ, nítorí náà ìlà tó pín abala kan kò bá ti èkejì mu. Ọnà aláwọ̀ kún ẹ̀yìn gbogbo wọn. Ọba kò dìde."

Kò sí ìtumọ̀ kankan nínú rẹ̀ títí di gbólóhùn tó kẹ́yìn, ìyẹn náà sì jẹ́ ohun tí ojú rí. Ṣùgbọ́n òǹkàwé ti lè máa ronú. Àga ni àwọn méjèèjì jókòó sí, ṣùgbọ́n ti ọ̀kan fìdí múlẹ̀, ti èkejì wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ìlà tí kò bára mu yẹn ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù. Ọlọ́wẹ̀ lè mú wọn bára mu bó bá wù ú, ó ní ọkọ́ igi àti ojú. Èrò tèmi ni pé ó fẹ́ kí ilẹ̀kùn fún ọba ní àyè tí àlejò kò ní, mo sì kọ "èrò tèmi" síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má fi lé ará Ìkẹ̀rẹ́ lẹ́nu. Ẹ fi ìwé bo ìpele àlejò yẹn wò: ọba á kàn jókòó, kò ní sí ẹni tó ń gbà lálejò. Àwọn méjèèjì so mọ́ra.

Òpó ní ìṣòro tirẹ̀. Ilẹ̀kùn ní iwájú kan tí a lè dúró sí, òpó ń fẹ́ kí a rìn yí i ká. Ọlọ́wẹ̀ kan náà gbẹ́ òpó mẹ́rin fún ààfin Ìkẹ̀rẹ́, ọ̀kan nínú wọn wà ní Ilé Iṣẹ́ Ọnà Ṣìkágò báyìí. Gíga rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní mítà kan ààbọ̀. Ẹni tó bá wò ó láti iwájú nìkan á kọ pé ọba ni: ó jókòó, ó dé adé onílẹ̀kẹ̀, ẹyẹ ńlá kan bà lé orí adé náà, àwọn èèyàn kéékèèké wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, lára wọn obìnrin tó kúnlẹ̀ àti afunfèrè. Àmọ́ kí onítọ̀hún lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ayaba àgbà dúró lẹ́yìn àga, ó ga fíofío ju ọba lọ, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga náà. Orí rẹ̀ ló súnmọ́ òrùlé jù. Ẹsẹ̀ ọba sì rèé, kò kan ilẹ̀. Ó ń fì ni.

Nígbà tí wọ́n bá ń fi ọba jẹ, ayaba àgbà ló ń gbé adé lé e lórí. Ẹni tó bá mọ ìyẹn á mọ̀ pé gíga obìnrin yẹn kì í ṣe àṣìṣe òṣùwọ̀n. Nínú iṣẹ́ yìí, títóbi kò sọ ẹni tó wà nítòsí tàbí tó jìnnà bíi ti fọ́tò, ipò ló ń sọ. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kọ "ère ọba" sókè àròkọ rẹ̀ ti pàdánù ìdajì òpó náà. Èmi á bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, láti ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn, mo á wá bọ́ sí iwájú, kí òǹkàwé mọ ohun tó di àga mú kó tó mọ ẹni tó jókòó. Mo á sì tún béèrè ohun tí òpó ń ṣe nílé. Òpó tó gbé òrùlé ní ti tòótọ́ á ní àpá ẹrù lórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n kàn gbé ti òpó sìmẹ́ǹtì fún ọ̀ṣọ́, bí mo ṣe ń rí i ní òtẹ́ẹ̀lì káàkiri, orí rẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní.

Ohun kan tún kù tí àròkọ nípa ilẹ̀kùn Ìkẹ̀rẹ́ kò lè fò dá, ìyẹn bó ṣe kúrò nílé. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wẹ́ńbílì, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Gẹ̀ẹ́sì rí i, wọ́n fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó. Ohun tó gbà ni pé kí wọ́n ṣe àga ọba kan fún òun lọ́nà ti Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣe àga náà, ilẹ̀kùn sì dúró sí Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Mo ti ka àwọn tó kọ pé wọ́n jí i, mo sì ti ka àwọn tó kọ pé ọba tà á. Èmi kọ ọ́ pé ọba kan tó ní ilẹ̀kùn tí òyìnbó ti jókòó sínú àga tí wọ́n gbé, fi ilẹ̀kùn náà gba àga lọ́wọ́ òyìnbó, lábẹ́ ìjọba tí kò rọrùn fún un láti kọ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu. Mo kọ ọdún rẹ̀, mo kọ ibi tó wà, mo sì kọ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ẹ fún ṣì wà ní Ìkẹ̀rẹ́ láìsí i.